Ká tó ta ilẹ̀ nítorí láísẹ́ǹsì páìlọ́ọ̀tì: ìwé dókítà ló ṣáájú

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti kà á ju kí ẹ gbọ́ ọ lọ, ohun tí a sọ nínú ètò náà nìyí, a kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Bí ẹ bá ń gbé ní agbègbè pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin, ẹ ti mọ ìró tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Bàálù kékeré kan á gbéra, á yí po, á padà wá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kó tó tutù á tún ti gbéra. Bàálù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ilé-ìwé tó ń jẹ́ International Aviation College ló ni wọ́n, ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara ló sì dá ilé-ìwé náà sílẹ̀. Bàálù Diamond ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀: DA40 tó ní ẹnjìnnì kan, àti DA42 tó ní méjì. Ìbéèrè tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp ni pé, báwo lèèyàn ṣe ń ti orí àga akẹ́kọ̀ọ́ yẹn dé ibi tí wọ́n á ti máa sanwó oṣù fún un?

Èmi náà ní ìdí tí mo fi lọ wádìí ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀. Àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò ìyá mi, ẹni ọdún 18, ló ní òun ò fẹ́ iṣẹ́ mìíràn àyàfi páìlọ́ọ̀tì. Ìyá ẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan ní Tánkè tí wọ́n máa tà. Ọmọ yìí sì ń lo gíláàsì ojú láti ìgbà tó ti wà ní JSS 2. Ìdajì mọ̀lẹ́bí ń pariwo pé onígíláàsì kì í wa bàálù, ìdajì kejì ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀. Mo ní kí ìyá wa fi ilẹ̀ sílẹ̀ ná, ká kọ́kọ́ mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyí. Páìlọ́ọ̀tì máa ń ní ìwé méjì lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni láísẹ́ǹsì, tó ń sọ pé o mọ bàálù wà. Èkejì ni ìwé-ẹ̀rí ìlera, tí àwọn fúnra wọn ń pè ní mẹ́díkà, tó ń sọ pé ara rẹ gbé e. NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà, ló wà nídìí méjèèjì, ìlànà ICAO tó jẹ́ àjọ àgbáyé ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Láísẹ́ǹsì tí mẹ́díkà ẹ̀ ti kú kò wúlò títí mẹ́díkà tuntun á fi dé. Àyẹ̀wò ìlera ò sì gba ọjọ́ púpọ̀, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé-ìwé. Tí nǹkan kan bá wà nínú ara tí kò ní jẹ́ kí èèyàn fi bàálù ṣiṣẹ́ láéláé, ó sàn ká mọ̀ ọ́n nígbà tí ilẹ̀ Tánkè ṣì wà níbẹ̀.

Mẹ́díkà yìí ní kíláàsì. Kíláàsì 2 ni ti ẹni tó kàn fẹ́ wa bàálù fún ara rẹ̀. Kíláàsì 1 ni ti ẹni tó fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Kíláàsì 3 wà fún àwọn tó ń darí bàálù láti inú ilé-ìṣọ́, ìyẹn ò kàn wá lónìí. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni pé Kíláàsì 2 tó fún akẹ́kọ̀ọ́ láti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, èèyàn lè gba Kíláàsì 2, kó kàwé, kó fò, kó gba láísẹ́ǹsì àkọ́kọ́, kó wá di ọjọ́ tó fẹ́ wọlé sí ti iṣẹ́ kó tó mọ̀ pé Kíláàsì 1 ò lè bọ́ sí òun lọ́wọ́. Owó ti lọ nígbà yẹn. Ẹni tó bá mọ̀ pé iṣẹ́ lòun ń lé, Kíláàsì 1 ni kó lọ gbà ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Kì í sì í ṣe dókítà àdúgbò ló ń fúnni. Àwọn dókítà kan wà tí NCAA yàn fún iṣẹ́ náà, àwọn nìkan ni àyẹ̀wò wọn ń jẹ́. Mo bá àbúrò mi lọ. Wọ́n bi í ní ìtàn ara rẹ̀ láti kékeré: ṣé o ti dákú rí, ṣé gìrì ti mú ọ rí, ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ, oògùn wo lò ń lò? Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, wọ́n wọn ìfúnpá, wọ́n lẹ àwọn wáyà mọ́ ọn láyà kí ẹ̀rọ lè ya bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lù sórí bébà. Wọ́n fi í sínú yàrá kékeré kan tí ariwo ò wọ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ sí i létí, wọ́n ní kó tẹ bọ́tìnnì nígbàkúgbà tó bá gbọ́ ìró, bó ti wù kó kéré tó. Ìdánwò etí nìyẹn. Nítorí ìpè rédíò ni wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ohùn inú rédíò bàálù máa ń há, ariwo ẹnjìnnì sì wà lábẹ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ojú, torí ibẹ̀ ni àhesọ pọ̀ sí jù. Ohun tí ìlànà Kíláàsì 1 ń béèrè ni pé kí ojú kọ̀ọ̀kan rí 6/9, kí méjèèjì pa pọ̀ rí 6/6. Ohun tí 6/9 túmọ̀ sí ni pé lẹ́tà tí ẹni tí ojú ẹ̀ dá ṣáká lè kà láti mítà 9, ìwọ kà á láti mítà 6. Gbólóhùn tí àwọn mọ̀lẹ́bí mi ò mọ̀ ló tẹ̀ lé e: pẹ̀lú gíláàsì tàbí láìsí gíláàsì. Tí gíláàsì bá gbé ọ dé ibẹ̀, o dé ibẹ̀. Wọ́n á kàn kọ ọ́ sórí mẹ́díkà rẹ pé o gbọ́dọ̀ wọ gíláàsì nígbà tí o bá ń wa bàálù, kí o sì ní òmíràn nítòsí tó jẹ́ pé bí ti ojú bá já bọ́, ọwọ́ á tó o. Ohun tí wọ́n kọ sórí ti àbúrò mi gan-an nìyẹn. Ariwo ọdún márùn-ún parí lórí ìlà kan ṣoṣo.

Àwọ̀ ló yẹ ká máa bẹ̀rù ju gíláàsì lọ. Wọ́n á ṣí ìwé kan fún ọ tí àmì róbótó-róbótó aláwọ̀ oríṣiríṣi kún inú ẹ̀, nọ́ńbà sì fara pamọ́ sáàárín wọn. Ishihara ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ojú ẹ̀ ò lè ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára ewé á wò ó títí, ó lè má rí nọ́ńbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní ìṣòro yìí ni ò mọ̀ pé àwọn ní in, torí bí ayé ṣe rí lójú wọn láti kékeré nìyẹn, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Gíláàsì ò lè tún un ṣe, kò sì sí oògùn fún un.

Kí ló dé tó fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ẹ fojú inú wo bàálù tó ń bọ̀ wá balẹ̀ lálẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà tó fẹ́ balẹ̀ sí, iná mẹ́rin máa ń wà ní ìlà kan. Bí páìlọ́ọ̀tì bá rí funfun méjì àti pupa méjì, ó wà níbi tó yẹ. Bí gbogbo wọn bá funfun, ó ti ga jù. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pupa, ó ti wálẹ̀ jù, orí igi tàbí orí òrùlé ló ń lọ. Ìpele tó dàrú lójú ẹni tí kò lè ya àwọ̀ sọ́tọ̀ nìyẹn. Apá òsì bàálù náà ní iná pupa, apá ọ̀tún ní iná àwọ̀ ewé, òun la fi ń mọ̀ lálẹ́ bóyá bàálù kejì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ni àbí ó ń lọ. Ẹni tó bá ṣìnà nínú ìwé Ishihara ṣì lè ní àǹfààní láti ṣe ìdánwò iná. Tó bá yege níbẹ̀, ó lè tẹ̀ síwájú. Bí kò bá yege, Kíláàsì 1 ò lè ṣeé ṣe.

Ní ti ìyókù, mi ò ní ka gbogbo rẹ̀ tán. Wárápá máa ń ti ilẹ̀kùn. Ìtọ̀ ṣúgà tó ti dé ipele abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, ìlànà ICAO ò gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè nípa jẹ́nótáìpù: AS nìkan kì í dínà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbà pé mẹ́díkà ti jáde, ká bọ́ sórí láísẹ́ǹsì fúnra ẹ̀. Àtẹ̀gùn ni. Ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣáájú, ẹni ọdún 16 lè gbà á. Olùkọ́ á máa jókòó tì ọ́ títí di ọjọ́ tó máa bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù, táá ní kí o lọ yí po kí o padà wá balẹ̀ ní ìwọ nìkan. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní sólò. Bàálù máa ń fúyẹ́ lọ́jọ́ náà ju bí o ṣe mọ̀ ọ́n lọ, torí ẹnì kan ti kúrò nínú ẹ̀, á sì yára gòkè. Wọ́n máa ń kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni PPL, láísẹ́ǹsì ti ara ẹni, láti ọdún 17. Wákàtí 40 lófurufú ni ìlànà ń béèrè, tó lè di 35 fún ẹni tó bá kọ́ ọ ní ilé-ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Iye tó kéré jù lọ nìyẹn o, ọ̀pọ̀ ló ń kọjá ẹ̀. Nínú wákàtí wọ̀nyí, 10 gbọ́dọ̀ jẹ́ sólò, ìrìn-àjò àdálọ kan tó tó kìlómítà 270 sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, tí o máa balẹ̀ ní pápákọ̀ méjì mìíràn. Mo ya èyí sórí máàpù láti Ìlọrin. Tí èèyàn bá gbéra níbí, tó balẹ̀ ní Ìbàdàn, tó gba ibẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́, tó sì padà sílé, ó máa jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 440. Ó ti kọjá. Bí ẹ bá ti ní PPL, ẹ lè gbé ìyá yín lọ Ìbàdàn. Ẹ ò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti gbé e.

Gbígba owó, CPL ni, láísẹ́ǹsì ti iṣẹ́, láti ọdún 18, Kíláàsì 1 sì ni dandan níbẹ̀. Wákàtí 200 ni, tàbí 150 fún ẹni tó kọ́ ọ ní ilé-ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú 150 yẹn, 70 gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìwọ fúnra rẹ jẹ́ ọ̀gá nínú bàálù, tí gbogbo ìpinnu wà lọ́wọ́ rẹ. Ìrìn-àjò gígùn náà ti di kìlómítà 540 níbí. Ọ̀nà Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ tí mo yà lẹ́ẹ̀kan ò tó mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá balẹ̀ ní Ìbàdàn, tí ẹ gba ibẹ̀ lọ sí Benin, tí ẹ wá gba òkè wálé sí Ìlọrin, ó máa lé díẹ̀ ní 600. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lófurufú nìyẹn nínú DA40, yàtọ̀ sí àkókò tí ẹ bá lò nílẹ̀. Ìwé kíkà àti ìdánwò tún wà: òfin òfurufú, ojú ọjọ́, bí a ṣe ń wá ọ̀nà, bí ara ènìyàn ṣe ń ṣe lókè, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Lórí CPL, wọ́n máa ń lẹ àwọn àṣẹ mìíràn mọ́ ọn. Méjì ló ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń wá iṣẹ́. Èkíní ni àṣẹ láti wa bàálù ẹlẹ́nnjìnnì méjì, ibẹ̀ ni DA42 ti ń wúlò. Èkejì ni àṣẹ láti fi aago inú bàálù nìkan wà á, láìrí ìta, bí ìgbà tí èèyàn bá wà nínú kùrukùru. Láìsí èyí kejì, kò sí iléeṣẹ́ bàálù èrò tó máa wò ọ́.

Ibi tí àtẹ̀gùn yìí àti mẹ́díkà ti ń kọlu ara wọn ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Mẹ́díkà Kíláàsì 1 oṣù 12 ló ń lò fún ọ̀dọ́. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024. Ó wọlé ẹ̀kọ́ ní oṣù kẹwàá. Ó jókòó nínú kíláàsì fún oṣù díẹ̀, kí wọ́n tó gbé e gorí bàálù, ọyẹ́ ti dé. Gbogbo wa ni a mọ bí ọyẹ́ Ìlọrin ṣe ń rí ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní: eruku bo gbogbo ojú ọ̀run. Ìlànà ní kí ẹni tó ń fi ojú wa ọ̀nà máa rí iwájú tó kìlómítà 5. Bí eruku bá ti bò ó, kò sí sólò, kò sí ìrìn-àjò Ìbàdàn. Bàálù á dúró sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á dúró, ọjọ́ mẹ́díkà ò ní dúró. Òjò náà á tún wá gba tirẹ̀. Kó tó dé ibi ìrìn-àjò kìlómítà 540 yẹn, oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ti dé. Bí kò bá ti lọ tún àyẹ̀wò ṣe ṣáájú ọjọ́ 10, kò gbọdọ̀ dá fò ní ọjọ́ 11, bí ojú ọjọ́ tilẹ̀ mọ́ bíi dígí.

Kò sì yẹ kó dúró di ọjọ́ 9 o. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ga díẹ̀, dókítà lè ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ̀rọ ọkàn bá fi nǹkan kan hàn, wọ́n lè rán an lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ ọkàn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fi oṣù kan ààbọ̀ sílẹ̀ á rí àyè ṣe gbogbo èyí. Mo ti ní kí àbúrò mi kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà fóònù ẹ̀ báyìí, kó dún létí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nǹkan kan tún wà tí kì í hàn lára ìwé. Mẹ́díkà lè wà láàyè, kí ara má sì yá lọ́jọ́ kan. Òfin ní ẹni tó bá mọ̀ pé ara òun ò ṣe déédéé kò gbọdọ̀ fò, àní bí ìwé bá ṣì dára. Kátáá lásán lè dí ihò etí, nígbà tí bàálù bá ń wálẹ̀, ìrora ẹ̀ lè gba ọkàn èèyàn kúrò lórí ohun tó ń ṣe. Èèyàn á ní òun á lo Piriton fún un. Piriton ń mú oorun wá, àwọn páìlọ́ọ̀tì kì í fò lẹ́yìn tí wọ́n bá lò ó. Bákan náà ni mefloquine, ọ̀kan nínú oògùn ibà, torí ó lè da ọpọlọ láàmú. Ẹ bi dókítà tí NCAA yàn kí ẹ tó gbé nǹkan mì. Ní ti obìnrin tó bá lóyún, bí oyún náà bá wà ní àlàáfíà, ìlànà ICAO lè jẹ́ kó máa fò láti òpin ọ̀sẹ̀ 12 sí òpin ọ̀sẹ̀ 26, lábẹ́ ìtọ́jú. Oyún ò ba iṣẹ́ náà jẹ́, ó kàn ń dá a dúró fún ìgbà díẹ̀.

Ìwé tó ga jù ni ATPL, ti ọ̀gá inú bàálù ńlá. Wákàtí 1,500 ni, ọdún 21 sì ni ICAO fi sí i. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín: ẹni tó jáde nílé-ìwé pẹ̀lú wákàtí 150 tàbí 200, níbo ló ti fẹ́ rí 1,300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó kù? Ọ̀pọ̀ ló ń rí i lórí àga ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí igbákejì ọ̀gá nínú bàálù iléeṣẹ́. CPL tó fún àga yẹn. Ṣùgbọ́n kó tó jókòó síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́ irú bàálù náà gan-an, ATR 72 tàbí Boeing 737 tàbí òmíràn, ìwé yẹn náà sì lówó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Iléeṣẹ́ kan lè san án, kó ní kí o ṣiṣẹ́ fún òun fún iye ọdún kan. Òmíràn á ní kí o san án fúnra rẹ.

Àwọn kan máa ń gba CPL, wọ́n á wà nílé fún ọdún kan tàbí méjì kí iṣẹ́ tó yọ. Mo bá ọ̀kan sọ̀rọ̀ níbí yìí, ó ń bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ta fóònù ní Taiwo. Ó ní gbogbo ọdún lòun ń tún mẹ́díkà òun ṣe, bí kò tilẹ̀ sí owó oṣù kankan. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ kó kú ná títí wọ́n á fi pè é. Ó ní, "Bọ̀dá, tí wọ́n bá pè mí lónìí pé kí n wá fún ìdánwò lọ́tùnla, ìwé tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tí tirẹ̀ ti kú á ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á sì ti pe ẹlòmíràn."

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣírò owó, ẹ ṣírò mẹ́díkà ọdọọdún mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ọdún tí iṣẹ́ ò tíì yọ kún un pẹ̀lú. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó ń tún bàálù ṣe nílẹ̀, àwọn náà ní láísẹ́ǹsì tiwọn. Ẹ máa fi ìbéèrè yín ránṣẹ́.